Bóòtù Tó Wà Lójú Ààbò

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan ní Imeke tí apá ọ̀tún rẹ̀ kò ṣeé nà tán, tó jẹ́ pé bó bá ti wọ ilé-iṣẹ́ kan, kí ó tó kí ẹnikẹ́ni ni yóò ti béèrè pé, “Níbo ni ojú ààbò ẹ̀rọ yín wà?”, Rewájú nìyẹn. Àwọn kan ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń sín apá rẹ̀ jẹ lẹ́yìn. Inú máa ń bí mi bí mo bá gbọ́ ọ, torí ẹni tí kò mọ ohun tó fọ́ apá náà, kò yẹ kó fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọmọ Èkìtì ni. Ogún ọdún ó lé díẹ̀ ló ti ń gbé etí òkun yìí, tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin jẹun. Ilé-iṣẹ́ ọ̀rá kan lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Badagry ló gbà á síṣẹ́, òun ló ń tún ohun gbogbo tó bá bàjẹ́ níbẹ̀ ṣe. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í mutí, kò sì sí ohun tó fi ń ṣakọ àfi ẹyọ kan. Irin yòówù tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́, yóò fi ṣóńṣó irin lu àmì mẹ́ta sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó-tó-tó, kí ayé lè mọ̀ pé iṣẹ́ Rewájú ni. Bí ìyàwó rẹ̀, Jùmọ̀kẹ́, bá fẹ́ fi í ṣẹ̀fẹ̀ nílé, obìnrin náà á ní ó kù kí ọkọ òun lu àmì mẹ́ta sí òun náà níwájú orí.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá kò ṣòro í mọ̀. Àgbá irin gígùn kan ni, ó gbóná janjan, sukúrù ńlá kan ń yí nínú rẹ̀. Hóró ọ̀rá ń wọlé lẹ́yìn, ooru ń yọ́ ọ, sukúrù ń fà á síwájú, asẹ́ onírin ń sẹ́ ẹ, ó ń gba ẹnu ẹ̀rọ jáde, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ wú, ó di ọ̀rá tí wọ́n ń rọ omi sí tí wọ́n ń tà lójú pópó. Ọ̀nà tí ọ̀rá tó yọ́ ń gbà láàárín sukúrù àti àgbá kò ju mílímítà mẹ́rin lọ. Bí ẹ bá lè tú ọ̀nà náà kúrò lára sukúrù kí ẹ nà án sílẹ̀ gbọọrọ, pátákó irin méjì ló máa dà, wọ́n kọjú síra, ọ̀rá wà láàárín wọn, ọ̀kan dúró, ọ̀kan ń rìn. Èyí tó ń rìn ń wọ́ ọ̀rá lọ síwájú. Asẹ́ àti ẹnu tóóró tó wà níwájú sì ń tì í padà. Gbogbo iṣẹ́ ẹ̀rọ náà kò ju ìjà àwọn méjèèjì yìí lọ.

Ọdún pọ̀ tí sukúrù kan ṣoṣo fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀nà inú rẹ̀ jìn, ó ń tu ọ̀rá jáde bí omi. Bí asẹ́ bá dí, ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi eré kún un. Abẹ́rẹ́ tó ń fi prẹ́ṣọ̀ hàn, ìyẹn agbára tó ń tì nínú àgbá, á gòkè díẹ̀, ìdọ̀tí á bọ́ kúrò lójú asẹ́ nígbà mìíràn, bí kò bá sì bọ́, ọ̀rá á kàn máa yí ká nínú àgbá títí wọn yóò fi pààrọ̀ asẹ́. Kò sí ohun tó bẹ́ rí. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe fi kọ́ ẹni tó dé lẹ́yìn wọn.

Ìgbà tó yá, olówó ilé-iṣẹ́ ní òun fẹ́ ọ̀rá tó fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò ní ẹ̀gbin kankan nínú. Wọ́n wá fi asẹ́ olójú wínníwínní sí i. Sukúrù ògbólógbòó kò lè ti ọ̀rá gba ibẹ̀ kọjá. Èyí tó pọ̀ jù ń sá padà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà jíjìn yẹn, díẹ̀ báyìí ló ń jáde lẹ́nu. Rewájú ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbẹ́ òmíràn tí ọ̀nà rẹ̀ kò ní jìn tó bẹ́ẹ̀, mílímítà méjì péré. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi gbẹ́ ẹ. Nígbà tó parí, ó lu àmì mẹ́ta sí i, ó sì fi aṣọ nù ún bí ẹni ń nu ọmọ tuntun.

Sukúrù náà ṣe ohun tó ṣèlérí. Ọ̀rá fẹ́lẹ́, ó mọ́, asẹ́ kò dà á láàmú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà ṣe dínkù sí ìdajì, bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tó ń jáde ṣe dínkù sí bí ìdajì. Démọ́lá, máníjà ilé-iṣẹ́, kò fẹ́ gbọ́ àlàyé. Ọkùnrin tí kì í lo ẹnu níbi tí ọwọ́ bá lè dé ni. Ó wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó wo ìdì ọ̀rá tó wà nílẹ̀, ó rìn tààrà lọ bá Sewanu tó ń darí ẹ̀rọ, ó gbá a létí. Ìgbátí náà dún ju ẹ̀rọ lọ. Ẹ̀jẹ̀ yọ nímú Sewanu, ó kán sórí ọ̀rá funfun, wọ́n sì gé ibẹ̀ sọnù.

“Ìdajì iṣẹ́ lò ń ṣe, odindi owó lò ń gbà,” ni Démọ́lá wí.

Sewanu di ẹ̀ṣẹ́. Ọmọ Ajido ni, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó níyàwó, ó lọ́mọ kan. Inú ọkọ̀ apẹja ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà kó tó wá máa gbowó oṣù, apá rẹ̀ sì le. Ká ní ó fẹ́, ì bá fi Démọ́lá nu ilẹ̀. Rewájú ló di ọwọ́ rẹ̀ mú, tó fà á lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí agolo àti irin jíjẹrà wà.

“Má lù ú,” ni Rewájú wí. “Jókòó. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí o fi ojú rẹ rí, torí sukúrù tuntun yìí lè pa ọ́ ju máníjà lọ.”

Ó gbé ọpọ́n tóóró kan jáde tó ti kàn pa mọ́ látọjọ́ tó ti wà nílé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Dígí ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, pákó ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ dí pa, òkè rẹ̀ nìkan ló ṣí sílẹ̀. Ó da ṣúgà tó ti sè títí tó fi ki sínú rẹ̀, ó wọ́n èédú lílọ̀ sí i, èédú náà sì dúró káàkiri nínú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wá tẹ́ ọ̀já ọ̀rá gígùn kan lé e lójú, ó ní kí Sewanu máa fà á lọ jẹ́jẹ́ lọ́nà kan, kó má dúró, kó má sì kánjú.

Sewanu bẹ̀rẹ̀, ó gbé ojú sún mọ́ dígí. Èédú tó wà lókè ń bá ọ̀já lọ. Èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ dúró sójú kan. Èyí tó tún wà nísàlẹ̀ ìyẹn ń rìn padà sẹ́yìn, tí ẹnikẹ́ni kò sì tì í. Ti ìsàlẹ̀ pátápátá, tó lẹ̀ mọ́ pákó, kò mira rárá.

“Ọ̀nà ìwájú ti dí,” ni Rewájú wí. “Ohun tí ọ̀já bá wọ́ lọ gbọ́dọ̀ padà. Pín jíjìn rẹ̀ sọ́nà mẹ́ta: ìdá kan lókè ń lọ, ìdá méjì nísàlẹ̀ ń bọ̀. Tòkè ń sáré, tìsàlẹ̀ ń rọra rìn, iye tó lọ àti iye tó padà wá dọ́gba. Ìwọ á rò pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, nítorí nǹkan kan kò jáde. Ṣùgbọ́n prẹ́ṣọ̀ ń pọ̀ níwájú, torí òun ló ń lé e padà.”

Sewanu rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn. Imú rẹ̀ ti wú.

“Ọ̀gá, mo mọ eléyìí. Tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ lórí ọ̀sà wa látàárọ̀, omi òkè máa lọ kó jọ sí èbúté ọ̀hún. Ẹ wá ju àwọ̀n, ẹ̀fọ́ ojú omi ń lọ síwájú, ìdí àwọ̀n ń fà yín padà sẹ́yìn. Bàbá mi ní ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, àwọ̀n rẹ̀ á wé mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀.”

Inú Rewájú dùn débi pé ó gbá a léjìká. “Ó dáa. Gbọ́ èyí tó kù. Bí ọ̀nà bá fún sí ìdajì, tí eré kò yí padà, tí iwájú dí, prẹ́ṣọ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Kì í ṣe méjì, mẹ́rin. Bí o bá tún wá sọ eré di méjì, ó di mẹ́jọ. Ọ̀rá tó ń yára yí a máa rọ̀ sí i, nítorí náà ó lè má pé mẹ́jọ gbáko, ṣùgbọ́n ohun tó kù tó fọ́ irin. Àṣà tí wọ́n fi kọ́ ọ, pé bó bá dí, fi eré kún un, gbàgbé ẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá ti dé orí ọgọ́rùn-ún méjì, dín eré kù, lẹ́yìn náà lọ pa iná.”

“Mo ti gbọ́, ọ̀gá.”

Rewájú mú un tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Lọ́jọ́ kẹta, Démọ́lá fúnra rẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ, ó sọ eré di ìlọ́po méjì. Ọ̀rá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde bíi ti àtijọ́. Rewájú sáré wá.

“Ọ̀gá máníjà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín in kù. Bí asẹ́ bá dí lórí eré yìí, agbára tó máa kó jọ síwájú kì í ṣe kékeré.”

“Bàbá, ojú ààbò kò sí lára ẹ̀rọ ni?”

“Ó wà.”

“Kí wá ni wọ́n ṣe é fún?”

Òótọ́ ni. Ojú ààbò wà nítòsí ẹnu ẹ̀rọ: ihò kan tí wọ́n fi irin fẹ́lẹ́ bò. Bí agbára inú àgbá bá pọ̀ jù, irin fẹ́lẹ́ náà á ya, ọ̀rá gbígbóná á tú sínú ọpọ́n kan nílẹ̀, kò ní sí ohun mìíràn tó bàjẹ́. Rewájú gba ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ gbọ́, pé ó wà, ó sì fọkàn balẹ̀. Bó bá dé ojú ẹ̀, ojú ààbò á ya. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò lọ wò ó. Kẹ́ ẹ máa rántí ìyẹn, pé kò lọ wò ó.

Agogo méjì ọ̀sán ọjọ́ kẹrin ni. Àlòkù ọ̀rá tí wọ́n kó láti ojú títì ni wọ́n lọ̀ mọ́ hóró lọ́jọ́ náà, yanrìn etí òkun wà nínú rẹ̀, yanrìn náà sì dí asẹ́ wínníwínní yẹn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Sewanu rí i. Kò fi eré kún un. Ó dín in kù bí wọ́n ti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n sukúrù wúwo, eré rẹ̀ kì í wálẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, abẹ́rẹ́ kò sì dúró. Ó wá sáré lọ síbi bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa iná. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹ̀rọ ni wọ́n kàn án mọ́.

Bóòtù mẹ́jọ tó de ẹnu ẹ̀rọ já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìró rẹ̀ gbọn páànù ilé. Ẹnu ẹ̀rọ, irin tó wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì, fò já ògiri búlọ́ọ̀kù. Ọ̀rá tó ń hó tú jáde lẹ́yìn rẹ̀, ó wé mọ́ apá òsì Sewanu, ó dà sí ọrùn rẹ̀ àti apá kan ojú rẹ̀. Ọ̀rá kì í ṣe omi gbígbóná tó ń ṣàn kúrò lára. Ó lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń jó o nìṣó. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún já a, awọ ara bá a jáde, ọ̀rá sì lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ọ̀tún náà. Igbe tó ké, Rewájú kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ènìyàn rí. Òun ló gbé kẹ́ẹ̀gì omi dà á lé e lórí, èkejì, ẹ̀kẹta, títí ọ̀rá fi dì mọ́ ọn lára bí èèpo igi.

Ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ajido kí wọ́n tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé e. Hunsu, ẹ̀gbọ́n Sewanu, ọkùnrin tí Sewanu ń pè ní fòfó lédè wọn, wà ní ọjà Iworo nítòsí, ó ń ta ẹja. Ó dé pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́fà lórí ọ̀kadà, àjẹ̀ ìtukọ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Ó wo àbúrò rẹ̀ nílẹ̀. Ó béèrè ohun kan ṣoṣo.

“Ta ló ṣe é?”

Òṣìṣẹ́ kan ní máníjà ló sọ eré di méjì. Òmíràn ní máníjà yìí kan náà ló gbá a létí lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ sukúrù tuntun. Démọ́lá sá sínú ọ́fíìsì, wọ́n fi ẹsẹ̀ já ilẹ̀kùn lé e lórí. Wọ́n fà á jáde ní kọ́là ẹ̀wù. Àjẹ̀ àkọ́kọ́ bà á lẹ́yìn, ìkejì já eyín rẹ̀ méjì. Ó wólẹ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gún un níhà. Kò sí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀ fún un, nítorí kò sí ẹni tí kò tíì jẹ ìgbátí rẹ̀ rí. Ẹni tó bá ń gbin ẹ̀gún, kó má ṣe gbàgbé bàtà ni ọ̀rọ̀ dà.

Rewájú wà nínú ilé ẹ̀rọ lákòókò náà. Ohun kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Kí ló dé tí ojú ààbò kò ya? Ó kúnlẹ̀ nídìí àgbá, ó fi ọ̀bẹ ha ọ̀rá dídì kúrò níbẹ̀. Kò rí irin fẹ́lẹ́ kankan. Bóòtù gìdìgbà ni wọ́n fi dí ihò náà. Ó ha ọ̀rá kúrò lórí rẹ̀, àmì mẹ́ta wà níbẹ̀, tó-tó-tó.

Ó rántí. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, irin fẹ́lẹ́ ibẹ̀ ń jò, wọ́n ní òmíràn ń bọ̀ láti ìlú òkèèrè. Ó gbẹ́ bóòtù láti fi dí i fún ọjọ́ díẹ̀. Sukúrù ìgbà yẹn kò lè kó agbára tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin èyí lọ jọ, nítorí náà kò sí ewu. Irin fẹ́lẹ́ kò dé mọ́. Ọjọ́ díẹ̀ di ọdún mẹ́fà, ó gbàgbé, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ sukúrù tó ní agbára ìlọ́po mẹ́rin, ó tì í bọ inú àgbá tí òun fúnra rẹ̀ ti dí ojú rẹ̀ pa.

Kò sí ẹni tó mọ̀. Bó bá tú bóòtù náà sápò, ó parí. Ẹni tí wọ́n ń lù níta jẹ̀bi lóòótọ́, ìwọ̀sí rẹ̀ sì pọ̀. Rewájú ronú nípa Jùmọ̀kẹ́, ó ronú nípa ọwọ́ ara rẹ̀ tó fi ń jẹun. Ó gbọ́ igbe Démọ́lá níta, ó ti rẹlẹ̀, ó ti ń di ìkérora ẹni tí kò ní í pẹ́ kú.

Ó fi spánà tú bóòtù náà. Ó ṣì gbóná, ó jó o látẹ́lẹwọ́, kò sọ ọ́ sílẹ̀. Ó jáde síta, ó wọ àárín wọn.

“Ẹ fi sílẹ̀. Ó fi kún eré, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ihò kan wà tó yẹ kó ya kí ó tó pa ènìyàn lára. Èmi ni mo fi èyí dí i. Ẹ wo àmì mi.”

Hunsu gba bóòtù, ó wo àmì mẹ́ta náà, ó wo ojú Rewájú. “Ìwọ ni ọ̀gá tí àbúrò mi ń yìn nílé?”

“Èmi ni.”

Hunsu gbé àjẹ̀ sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Rewájú gbé apá ọ̀tún bo orí. Egungun náà ṣẹ́ níbi méjì, gbogbo ọgbà gbọ́ ọ. Ìkejì bà á léjìká, ó dojú bolẹ̀ nínú yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Démọ́lá. Ó ń retí ìkẹta. Kò dé. Ọkọ̀ akẹ́rù ti wọ ọgbà, Hunsu sì ti ju àjẹ̀ sílẹ̀, ó ń gbé àbúrò rẹ̀.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí: Démọ́lá tí kò mọ ibi tó wà, Sewanu lórí àpò hóró ọ̀rá, Rewájú tó fara ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, tó ń fi ọwọ́ òsì di apá ọ̀tún mú. Hunsu jókòó sáàárín, ó ń sunkún láìbo ojú. Bí ọkọ̀ ṣe ń kó sí kòtò ni igbe ń sọ lẹ́nu wọn.

Sewanu la ojú kan tó kù. Ó wá Rewájú títí ó fi rí i.

“Ọ̀gá,” ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju atẹ́gùn lọ, “mi ò fi eré kún un o. Mo dín in kù, mo lọ síbi iná. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?”

Hunsu gbé orí sókè, ó ń wo Rewájú, ó ń dúró de ohun tí yóò wí.

“Kò sí,” ni Rewájú dáhùn. “O ṣe é bí mo ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́.”